Bí Ojú Fóònù Bá Ń Ṣókùnkùn Lọ́sàn-án Gangan: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Adjamé Yẹ̀ Wò Kó Tó Náwó

Ẹni tó bá ti dé Adjamé rí, nílùú Abidjan lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn kì í tà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Forum wà, níbẹ̀ ni òpópónà Nangui Abrogoua gbà kọjá, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, níbẹ̀ náà sì ni ọjà fóònù tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Black wà. Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ejigbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Abidjan lọ ṣòwò, débi pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà ọdún ni wọ́n ń wá sílé. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, wọ́n sì mọ̀ wọ́n mọ́ òwò ṣíṣe.

Láyé àtijọ́, àpò abẹ́ ìró ni ìyá oníṣòwò ń kó owó sí. Lónìí, inú fóònù lowó ń wọ̀. Oníbàárà á yọ fóònù tirẹ̀, á fi owó ránṣẹ́ lórí Wave, tàbí Orange Money, tàbí MTN, tàbí Moov, ẹni tó ń tajà á sì wo fóònù tiẹ̀ bóyá owó ti wọlé, kó tó jẹ́ kí ọjà kúrò lórí àtẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ojú fóònù bá ṣókùnkùn ní agogo méjìlá ọ̀sán, tí ẹni tó ni ín kò lè rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Oníbàárà ń kánjú, èrò ń ti ara wọn lẹ́yìn, oníbàárà á ní, "Màmá, ẹ wò ó, mo ti fi ránṣẹ́," á sì na fóònù tirẹ̀ sí i. Ohun tó sì wà lójú fóònù ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe ẹ̀rí pé owó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ojú fóònù tó ń ṣókùnkùn lè tipa báyìí di ọ̀nà tí ẹrù ń gbà jáde láìsanwó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn obìnrin aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Ejigbo ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àǹkárá ló ń tà l'Ádjamé, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Fóònù Samsung tó ń lò kò tíì pé ọdún méjì. Ẹjọ́ tó rò fún ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ni pé ojú fóònù òun ti ń kú. Ó ní bí òun bá ṣí i nínú ọjà, á ṣókùnkùn bíi pé ẹnì kan da aṣọ bò ó. Bí òun bá fi ìka fà á kó mọ́lẹ̀, á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi máa tún rọlẹ̀. Bí òun bá sì ń ka iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹ́ òun pé owó ti wọlé, kí òun tó kà á dé ìdajì, yóò ti ṣú, yóò sì kú pátápátá, òun á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ nọ́ńbà àṣírí òun. Ẹnì kan ti ní kó lọ pààrọ̀ ojú fóònù náà. Ẹlòmíràn ní bátìrì ló ti gbó.

Ọmọkùnrin náà gba fóònù, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Tàńtí, ẹ má tíì náwó sí i o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á."

"Kí lo fẹ́ kà níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Ìṣẹ́jú àáyá ni, mà."

Ó ṣí fóònù náà, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e lélẹ̀, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá 12, ojú fóònù rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó di 15, ó kú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àìsàn méjì ló ń ṣe fóònù yín, Tàńtí. Ọ̀kan nìyí. Kò sí nínú ojú rẹ̀, kò sí nínú bátìrì rẹ̀. Aago rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yìí sọ ni pàtàkì ohun tá a fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ̀. Ohun méjì tí kò bára tan ló ń mú kí ojú fóònù ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n ti ń hàn, àwọn èèyàn a máa pè wọ́n ní àìsàn kan ṣoṣo, wọn a sì máa fi oògùn ọ̀kan wo èkejì. Àkọ́kọ́ ni aago inú fóònù, tó ń ka iye àsìkò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, tó sì ń pa á kí bátìrì má baà tètè tán. Èkejì ni ojú kékeré kan tó wà lórí fóònù, tó ń wò bóyá oòrùn wà níta tàbí ilẹ̀ ti ṣú, tó sì ń fi ìyẹn pinnu bí fóònù yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe tiyín, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá rọ̀ wálẹ̀ tán. Bó bá rọ̀ wálẹ̀, tó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, aago ni. Bó bá rọ̀ wálẹ̀, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìkú, tí ẹ ń fọwọ́ kàn án tí kò sì mọ́lẹ̀ padà, kì í ṣe aago.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti aago. Àwọn tó ṣe Android, ìyẹn ètò tó wà nínú Samsung, Tecno, Infinix, itel àti ọ̀pọ̀ fóònù tó wà ní Black, kò fẹ́ kí fóònù kàn kú mọ́ èèyàn lójú lójijì. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ láti fi kìlọ̀ pé, "Mo fẹ́ sùn o." Ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò tí ẹ bá fún un ló ń fi ṣe ìkìlọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n bá fún ní ìṣẹ́jú àáyá 15 yóò rọ̀ wálẹ̀ ní 12, gẹ́gẹ́ bí ti ìyá aláṣọ yẹn. Èyí tí wọ́n bá fún ní 30 yóò rọ̀ wálẹ̀ ní 24. Èyí tí wọ́n fún ní odidi ìṣẹ́jú kan yóò mọ́lẹ̀ títí di 53. Ẹ kíyè sí i pé bí àsìkò náà bá ti gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìkìlọ̀ kò gùn sí i mọ́. Bí ẹ bá ka tiyín tí iye náà sì bá ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí mu, a jẹ́ pé fóònù yín kò ṣàìsàn kankan, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ fóònù l'Ádjamé ń sọ, nítorí náà ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ `Paramètres` sí, kí ẹ tẹ `Affichage`, kí ẹ wá máa wá ìlà tí ọ̀rọ̀ náà `veille` bá wà nínú rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ìyókù ìlà náà yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fóònù yín ń sọ, `Settings` ni, lẹ́yìn náà `Display`, lẹ́yìn náà `Screen timeout`. Lórí iPhone, `Display & Brightness` ni ẹ óò wọ̀, kí ẹ tó tẹ `Auto-Lock`. Ẹ óò rí oríṣiríṣi àsìkò níbẹ̀, láti ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo ni kí ẹ mú? Èrò tiwa ni pé kí ẹni tó wà nínú ọjà mú ìṣẹ́jú kan, tàbí méjì bí ojú bá ti ń rẹ̀ ẹ́ tí kò lè tètè kàwé. A mọ̀ pé àwọn kan wà tí inú bí débi pé wọ́n mú ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ wàhálà mọ́. Ẹ má dán an wò láàárín èrò Adjamé. Fóònù tó bá wà ní ṣíṣí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí àtẹ, ẹni tó bá já a gbà ti já àpamọ́wọ́ gbà nìyẹn, kò ní nílò nọ́ńbà àṣírí kó tó ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ óò yí i sí ìṣẹ́jú kan, tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹ óò bá a pé ó ti padà sí ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́ ilé. Ẹ wo bóyá ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò ti wà ní títàn, èyí tí wọ́n ń pè ní `Économiseur de batterie` tàbí `Économie d'énergie`. Lórí iPhone, bí `Low Power Mode` bá ti wà ní títàn, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni `Auto-Lock` yóò dúró sí, kò sì ní jẹ́ kí ẹ yí i, títí ẹ óò fi pa ètò náà. Àwọn fóònù Android mìíràn náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo fóònù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un, tàbí tó so ímeèlì ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, lè bá a pé ilé iṣẹ́ náà ti fi òdiwọ̀n lé e tí òun kò lè kọjá. Irú ìyẹn, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni kí ẹ lọ bá, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe.

Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ti yí aago fóònù ìyá aláṣọ sí ìṣẹ́jú kan, ó tún un kà. Fóònù náà mọ́lẹ̀ títí di 53, ó ṣú, ó sì kú nígbà tó di 60. Ìyá dúpẹ́, ó fẹ́ máa lọ. Ọmọkùnrin náà ní kó dúró, àìsàn kejì ṣì kù. Ó gbé fóònù náà jáde síbi tí oòrùn ti ń ràn, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkókò tí aago yóò pa á kò tíì tó rárá.

Èyí gan-an lọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní òkè fóònù, lẹ́bàá ibi tí èèyàn ń gbé etí sí àti ojú kámẹ́rà iwájú, ojú kékeré kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí i rí. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òmíràn sì wà lábẹ́ gíláàsì gan-an tí ojú kò lè rí i rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ìmọ́lẹ̀ tó wà níbi tí ẹ dúró sí. Bó bá rí oòrùn, á ní kí ojú fóònù mọ́lẹ̀ gidigidi. Bó bá rí òkùnkùn, á ní kó rọ̀ wálẹ̀ kó má baà gún ojú yín. Ètò tó ń ṣe èyí ni wọ́n ń pè ní `Luminosité adaptative` tàbí `Adaptive brightness`, `Auto-Brightness` sì ni lórí iPhone. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà ni `lux`. Nínú yàrá tí iná kan ṣoṣo wà lálẹ́, ó lè má tó 50. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ó máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Lábẹ́ ibòji níta lọ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni, bó bá sì jẹ́ abẹ́ oòrùn gangan, ó lè tó 100,000. Ẹ rí i pé àlàfo tó wà láàárín wọn pọ̀ gan-an, ìyẹn ni pé fóònù tí ojú kékeré rẹ̀ dára kò lè fi ọ̀sán pe òru.

Kí ló wá lè mú kó fi ọ̀sán pe òru? Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni gíláàsì aláàbò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Lójú ọ̀nà Adjamé, kò sí ibi tí ẹ yíjú sí tí ẹ kò ní rí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan nínú gíláàsì yìí ní etí dúdú yí ká. Bí wọ́n bá ṣe é fún irú fóònù mìíràn, tàbí tí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ bá sún un díẹ̀, etí dúdú yẹn yóò bo ojú kékeré náà. Fóònù á máa rò pé inú àpò lòun wà. Ìdọ̀tí, òógùn àti àtíkè tó bá rá sábẹ́ gíláàsì náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àpò fóònù tí etí rẹ̀ ga jù. Àmì kan wà tó ń tètè tú àṣírí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bóyá ẹ ti gbé fóònù sí etí wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú ojú kékeré yìí. Nítorí náà, bí ojú fóònù yín bá kọ̀ láti tàn padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e kúrò ní etí nígbà tí ẹ ń pè, ẹ fura sí ohun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má fi ìfura nìkan ṣe é, ó ṣeé wọ̀n. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ ṣí ibi tí ẹ fi ń pe èèyàn, kí ẹ tẹ `*#0*#`. Pátákó àyẹ̀wò yóò jáde. Ẹ tẹ `Sensor` níbẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Light Sensor` sí, nọ́ńbà `lux` yóò sì máa yí níwájú yín. Lórí fóònù Android mìíràn, ẹ lè gba ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ `phyphox`, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì kan nílùú Aachen ní Jámánì, ó ní ibi tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e jáde síta. Bí nọ́ńbà náà bá fò sókè, ojú kékeré náà ń ríran. Bó bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín 0 sí nǹkan bíi 20 lábẹ́ ọ̀run ọ̀sán, nǹkan ti bò ó tàbí kó ti kú.

Fóònù ìyá aláṣọ fi 9 hàn níta, lábẹ́ agbòòrùn. Ọmọkùnrin náà fi èékánná gbé etí gíláàsì aláàbò sókè, ó ṣí i kúrò pátápátá, nọ́ńbà náà sì fò lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lójú kan náà. Gíláàsì ló fọ́ ọ lójú. Ó fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, ó sì fi òmíràn lẹ̀ ẹ́ tí kò ní etí dúdú, tó sì ní àyè fún òkè fóònù náà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lẹ òmíràn yẹn, ìyá ti ń wò ó pé ojú fóònù kò tíì mọ́lẹ̀ tó bó ṣe fẹ́. Ìdí rẹ̀ rèé. Láti ọdún 2018, nígbà tí Android kẹsàn-án jáde, fóònù ti ń kọ́ ìwà ẹni tó ń lò ó. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ìka fa ìlà ìmọ́lẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Níbi tí ìmọ́lẹ̀ rí báyìí, báyìí ni olówó mi ṣe fẹ́ ẹ." Ọmọ ọmọ ìyá yìí ń fi fóònù náà wo fíìmù lóru lórí ibùsùn, á sì fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Fóònù ti kọ́ ọ pé nínú òkùnkùn, ìyá fẹ́ kí ojú òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ́lẹ̀ rárá. Nígbà tí gíláàsì sì ti mú kí ọ̀sán jọ òru lójú rẹ̀, ohun tó kọ́ lóru ló ń lò lọ́sàn-án. Ìyá náà ń jà padà, ó ń fà á sókè lójoojúmọ́ nínú ọjà, fóònù sì ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀ sí ojú ìwé kan náà, títí ọ̀rọ̀ fi dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé àwọn mìíràn a máa sọ pé fóònù àwọn ń gún àwọn lójú lóru bí iná mọ́tò, tí kò sì mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án. Ìṣòro kan náà ni, ibi tí wọ́n ti rí i ló yàtọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ọ. Lórí Pixel àti àwọn fóònù mìíràn tó ní ètò tí wọ́n ń pè ní `Device Health Services` nínú àkójọ `Apps`, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ tẹ `Storage`, kí ẹ wá `Reset adaptive brightness`, yóò gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́. Bí ẹ kò bá rí i lórí tiyín, ẹ fi ọwọ́ kọ́ ọ. Ẹ rí i dájú pé gíláàsì tó ń bo ojú kékeré ti kúrò, kí ẹ tan `Luminosité adaptative`, kí ẹ lọ dúró sábẹ́ oòrùn, kí ẹ fa ìlà náà síbi tó bá yín lára mu, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe bákan náà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì ṣe é lálẹ́ nínú yàrá. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí náà ẹ má fà á sókè sódò ní gbogbo ìgbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún rántí pé kì í yí lójú ẹsẹ̀. Bí Android ṣe wà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó máa ń dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó gbà pé ibi tí ẹ wà ti mọ́lẹ̀ sí i, ó sì ń dúró bí 8 kó tó gbà pé ó ti ṣókùnkùn, kó má baà máa ṣẹ́jú bí ọwọ́ yín bá kàn ṣíji bò ó. Àwọn tó ń ṣe fóònù lè yí iye yìí padà. Ẹni tó bá fi ìka bo òkè fóònù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2, tó sì sọ pé kò ṣiṣẹ́, kò tíì dán an wò.

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé, kí ló dé tí a ò kàn pa ètò náà, ká máa fọwọ́ fà á? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn èèyàn kò mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung àti iPhone, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún abẹ́ oòrùn, ètò aládàáṣe nìkan ló lè tàn án. Bí ẹ bá pa á, tí ẹ sì fa ìlà náà dé òpin, ojú fóònù yín lè má tó bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó nígbà tó wà ní títàn. Ìyẹn ni pé ẹni tó pa á nítorí òkùnkùn tún fọwọ́ ara rẹ̀ fa òkùnkùn mìíràn.

Ó kù ọ̀kan tí kò sí nínú aago, tí kò sì sí nínú ojú kékeré. Ooru ni. Bí fóònù bá gbóná jù lábẹ́ oòrùn, yóò fúnra rẹ̀ rẹ ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Apple sọ pé ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ ni kí wọ́n ti máa lo iPhone, orí páànù tí oòrùn ń ràn sí sì máa ń ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ óò mọ̀ ọ́n ní ti pé ẹ̀yìn fóònù á gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, pé ó mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e síta, tó wá ṣú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, àti pé bí ẹ bá tilẹ̀ fa ìlà náà dé òkè, kò ní gbọ́. Kò sí ohun tí ẹ lè yí nínú fóònù tó máa wo èyí sàn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, kí ẹ má sì fi ṣájà sí i títí yóò fi tutù. Ẹ má gbé e sínú fìríìjì tàbí sórí omi dídì, nítorí ìrì yóò sẹ̀ sínú rẹ̀, ìyẹn a sì máa ba ohun tí ooru kò bà jẹ́ jẹ́.

Ní ti ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú fóònù fún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi ara rẹ̀: ṣé lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni òkùnkùn yìí bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú tuntun náà lè má ní ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ojú kékeré, tàbí kí wọ́n ti gbàgbé rọ́bà tó ń gbé e sípò, tàbí kí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù bò ó. Nínú fóònù tí ojú kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ gíláàsì gan-an, ojú tí kì í ṣe ojúlówó lè máà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe é tẹ `*#0*#` níwájú yín, tàbí kó lo `phyphox`, kí ẹ tó sanwó tán. Bí nọ́ńbà náà kò bá yí, kó tú u padà.

Bí ẹ bá sì wá `Luminosité adaptative` nínú `Affichage` tí ẹ kò rí i rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù olówó pọ́ọ́kú ni, tí wọn kò fi ojú kékeré sí nínú láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Kò sí ẹni tó lè tún ohun tí kò sí ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè, nígbà tí ẹ bá fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀, ni ẹ óò máa lò: ẹ fà á sókè láàárọ̀ kí ẹ tó pàtẹ, kí ẹ fà á wálẹ̀ bí ẹ bá ti kó ọjà sílé.